Bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹja àrọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìwé kékeré kan tí yóò túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ẹja àrọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ lé ní 60, mo sì tò wọ́n ní A, B, D. Ẹni tí mo fún kà ní ó yé òun, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí adágún, kò rí nǹkan kan fi ṣe. Kí ni kí n ṣe sí i?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọpọlọ. Ẹ gbé gbogbo ìyókù sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí a mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ẹ́fù-sí-áà, tí wọ́n ń kọ ní FCR. Oúnjẹ ló ń gba owó jù nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń sọ fún èèyàn bóyá owó oúnjẹ náà di ẹja tàbí ó di ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ omi.

Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ni pé ó jẹ́ ìwọ̀n bí ẹja ṣe ń sọ oúnjẹ di ara. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sídìí adágún kò rí ohun tí yóò gbé lé òṣùwọ̀n nínú gbólóhùn yẹn. Nínú ìwé tí èmi máa ń fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Odógunyàn, ohun tí mo kọ ni pé: iye kílò oúnjẹ tí ẹ lò kí kílò kan tó kún ara ẹja yín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá kọ ohun tí wọn yóò wọ̀n àti ìgbà tí wọn yóò wọ̀n ọ́n, mo sì ṣe ìṣirò kan tán pátápátá níbẹ̀.

Ẹnì kan ra ọmọ ẹja 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ gíráàmù 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 5. Nígbà tó kó wọn, ó rí 450 tà, kílò kan kan, ìyẹn kílò 450. Àpò oúnjẹ 36 ló lò, àpò kan jẹ́ kílò 15, ìyẹn kílò 540.

```
540 ÷ (450 − 5) = 1.21
```

Kílò kan àti díẹ̀ lé ni oúnjẹ tó lọ sí kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò yìí gan-an ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ohun tó kù kò lè ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́wọ́.

Ó tún kù o. Lábẹ́ ìtumọ̀ náà, ẹ kọ ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ti wúlò jù. Àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ kì í yọ ìwọ̀n ọmọ ẹja tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja gíráàmù 10, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra 500 tó ti tó gíráàmù 200, kílò 100 ló gbé wọ omi. Bó bá lo oúnjẹ kílò 420, tó sì kó kílò 450, ẹ́fù-sí-áà tirẹ̀ jẹ́ 1.2. Bí kò bá yọ 100 yẹn, yóò rí 0.93, yóò sì máa rò pé oúnjẹ tí òun rà dára ju ti gbogbo àdúgbò lọ.

Ìkejì ni àwọn ẹja tó kú. Nínú 500 tí a kà lókè, 50 kò dé ọjà. Bí wọ́n bá kú ní kékeré, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì. Bí wọ́n bá ti tó gíráàmù 600 kí wọ́n tó kú, kílò 30 ni wọ́n gbé lọ, oúnjẹ tó kọ́ ara yẹn sì wà nínú 540. Bí a bá fi kílò 30 náà kún kílò 445 tí a fi pín oúnjẹ, èsì yóò di 1.14. Méjèèjì ló tọ̀nà: 1.21 ń sọ ti owó àpò wa, 1.14 ń sọ bí oúnjẹ fúnra rẹ̀ ṣe ṣiṣẹ́ lára ẹja. Ẹ jẹ́ kí ìwé yín sọ èyí tó ń wí, kí ó sì ní kí wọ́n wọn òkú ẹja kí wọ́n tó sin ín, nítorí ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà kò lè ṣe ìṣirò kejì láéláé.

Ẹ tún fi ìlà kan kún un nípa èsì tó bá wálẹ̀ ju 1 lọ, torí wọn yóò bi yín. Kì í ṣe irọ́ dandan. Oúnjẹ inú àpò gbẹ, omi inú rẹ̀ kò ju bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ara ẹja jẹ́ omi ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Nítorí náà kílò oúnjẹ gbígbẹ kan lè gbé ẹja tútù tó ju kílò kan lọ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá rí 0.5 lórí ẹja tó ti tóbi, kí ó lọ ka àwọn àpò òfìfo rẹ̀ dáadáa. Bó bá rí 2, kí ó wo ojú omi lẹ́yìn tó bá fún wọn lóúnjẹ, bóyá oúnjẹ ń léfòó síbẹ̀ láìsí ẹja tó ń jẹ ẹ́.

Ní ti A, B, D tí ẹ fi tò ó, èmi kò fara mọ́ ọn, amóníà, májèlé tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ àjẹkù wọ inú omi, ni n ó sì fi ṣàpẹẹrẹ. Nínú ètò yẹn, amóníà ni yóò ṣáájú, pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan sí, yóò jìnnà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ amóníà kò ṣeé túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí kò tíì mọ pH. Ohun tí a fi ń yẹ omi wò, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, àpapọ̀ amóníà ló ń fi hàn, apá kan nínú rẹ̀ nìkan ló sì ń pa ẹja. Nínú omi tó gbóná tó bíi 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, apá tó ń pani náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún bí pH bá jẹ́ 7. Bó bá di 8, ó tó bí ìdá méje. Bó bá di 9, ó tó bí ìdá ogójì.

Ẹ wá wo aládùúgbò méjì tí àyẹ̀wò àwọn méjèèjì sọ pé àpapọ̀ amóníà jẹ́ mílígíráàmù 2 nínú lítà omi kan. Ẹni tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 lè sùn. Ẹni tí àwọ̀ omi rẹ̀ ti dà bí ti ewé, tó yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ tí pH ṣì wà nílẹ̀, lè rí ẹja tó ń ṣàárẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí bí oòrùn ṣe ń ràn ni ewéko inú omi ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́nì mu, pH á sì máa gòkè. Nítorí náà ìtumọ̀ amóníà gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n wọn àwọn méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, kí wọ́n sì dín oúnjẹ kù, kí wọ́n pààrọ̀ omi bí méjèèjì bá ga. Ẹ tò ó bí àgbẹ̀ yóò ṣe bá wọn pàdé: ọ̀rọ̀ omi, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹja, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ìkórè. Bí ẹ bá fẹ́ A, B, D, ẹ fi orúkọ nìkan sí ẹ̀yìn ìwé pẹ̀lú ojú ewé tí wọ́n wà.

Ẹ má bi ẹni tó kà á pé ṣé ó yé e, torí ọmọlúàbí yóò ní ó yé òun. Ẹ fún un ní ìwé náà pẹ̀lú iye àpò, iye ẹja àti ìwọ̀n láti inú adágún mìíràn, kí ó ṣírò ẹ́fù-sí-áà rẹ̀ níṣojú yín, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ibi tó bá ti gbójú sókè wò yín, ibẹ̀ ni ìlà kan kù sí nínú ìwé náà.