Ọ̀rọ̀ ìkómọ láti inú fọ́tò ìwé ìpàdé ẹbí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí ọkùnrin, ọjọ́ Sátidé la máa kó ọmọ jáde nílé wa ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo. Àwọn àgbà ilé ṣèpàdé, wọ́n kọ kókó ohun tí wọ́n fẹ́ kí n sọ, wọ́n wá ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Fọ́tò 3 ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: kí n kí àwọn àna wa láti Ẹdẹ, baba wa kú ní oṣù 3 kí ọmọ tó dé, ọmọ dojú bolẹ̀ wáyé, "iya Ojo", orógbó, oyin, ataare, orúkọ rẹ̀ Babátúndé. Wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa fi ṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 4?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ọlọ́run á wo ọmọ, á wo ìyá rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ béèrè bóyá kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ ni ẹ máa sọ̀rọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ṣáájú ni, Babátúndé ò gbọdọ̀ ti ẹnu yín jáde. Ẹnu olórí ẹbí ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ni, kì í ṣe kí ẹ pè é. Mo ti rí i tí ọ̀dọ́kùnrin kan pe orúkọ kí bàbá àgbà tó dìde, gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ da ohun tó wà nínú fọ́tò kọ sí ìwé míì, ìlà kan lẹ́yìn èkejì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Ẹ má tíì tún un tò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan bóyá kámẹ́rà gé ìlà kan kúrò, nítorí fọ́tò orí fóònù lè má dé etí ìwé, ó sì lè má wọlé ní bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra. Ẹ wá pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, kó ka gbogbo rẹ̀ sókè fún yín, kí ẹ máa fi àmì sórí àwọn orúkọ bó ṣe ń kà á. "Ojo" yẹn, ó lè jẹ́ Òjó, ó sì lè jẹ́ nǹkan míì. Ẹ bi í pé kí ni ìyá náà ṣe: ṣé ó gbẹ̀bí ni, àbí òun ló ń wẹ ọmọ? Ìdúpẹ́ tí kò sọ ohun tí èèyàn ṣe kì í dùn létí ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orógbó, oyin àti ataare kì í ṣe ọ̀rọ̀ yín. Ohun tí wọ́n máa rà nìyẹn, ẹni tó bá máa fi wúre ló ni àdúrà wọn. Bí ẹ bá kó o wọ inú ọ̀rọ̀ yín, àdúrà náà á di àsọtúnsọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fagi lé, ẹ má sọ ọ́ rárá, ẹ má tilẹ̀ sọ pé ó ti parí. Àwọn àna yín láti Ẹdẹ máa wà ní ìjókòó, ẹ̀rọ gbohùngbohùn á sì gbé e dé òpópónà.

Ohun tó kù fún yín pọ̀ tó. Ẹ kí àwọn àgbà, ẹ kí àna, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn, kí ẹ wá wọ inú ìtàn tó gbé orúkọ náà wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́, ìdúpẹ́ ìyá yẹn nìkan ni mo fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣe:

"Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin àna wa láti Ẹdẹ, ẹ kú ìrìn, ẹ kú oríire. Oṣù mẹ́ta kí ọmọ yìí tó dé ni baba wa re ibi àgbà á rè. A sunkún nínú ilé yìí. Ìyàwó wa gbé oyún dúró, ó sì ń bá wa gbé ọ̀fọ̀ náà pọ̀. Nígbà tí ọmọ máa dé, ó dojú bolẹ̀, bí ẹni tó ń kí ilé. Ẹni tó wá kí wa, àwọn àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo fi àga sílẹ̀ fún olórí ẹbí wa."

Ẹ kíyè sí i pé mi ò pe Àjàyí. Gbogbo ilé ti mọ̀ pé orúkọ tí ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ ń mú wá láti ọ̀run nìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá àgbà fi "Ògídí Olú" gbé e fúnra wọn. Ikú baba yín náà, gbólóhùn méjì ti tó. Tí ẹ bá fà á gùn, ìyá yín á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ọjọ́ ayọ̀ sì ni.

Fún ìṣẹ́jú 4, ẹ má kọ ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 350 lọ. Ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá ń kà á sókè, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àmín àti ẹ̀rín. Lálẹ́ Jímọ̀, ẹ ka èyí tí ẹ parí fún ẹni tó kọ ìwé náà, kó lè yọ èyí tí kò bá fẹ́ kí àwọn àlejò gbọ́.