Ẹ má tíì lọ sẹ́nu àyẹ̀wò láìtíì jíròrò òṣùwọ̀n

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́fíìsì ọdítọ̀ wa fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ ná sórí bọ́hòlù ìgbèríko so èso. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ èròńgbà, ìbéèrè àti òṣùwọ̀n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ òṣùwọ̀n tó máa dúró?"

Bọ́hòlù ni tèmi náà, 40 lápapọ̀, 3 mílíọ̀nù náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èròńgbà tí mo kọ ni pé ká wò ó bóyá ètò náà ń lọ dáadáa. Ẹ sáà gbọ́! Kí ló ń jẹ́ dáadáa? Ọ̀gbẹ́ni ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n sanwó fún láti wá kọ́ wa níṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta wò ó, ó ní ó pegedé. A gba ìlú lọ, 24 ń yọ omi, 16 ti kú. Mo kọ ọ́ pé ètò náà kùnà, mo tún fi kún un pé omi tó ń jáde kò tó 120 lítà fún ẹnì kan lóòjọ́. Inú ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí omi, ti ọdún 2000, ni mo ti rí iye yẹn. Mi ò kà á délẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé ìkẹyìn, ọ̀gá àgbà àjọ ìjọba tó ń gbẹ́ bọ́hòlù náà ṣí ìwé kan náà, ó tì í síwájú mi, ó ní kí n kà á sókè. Ìlú ńlá tí èèyàn ibẹ̀ lé ní 20,000 ló ni 120 lítà. Ti ìgbèríko, 30 lítà ni, kí ibi ìpọnmi má jìnnà ju 250 mítà lọ, kí ẹnu ẹ̀rọ kan sì máa sin èèyàn 250 sí 500. Kò tíì tán o. Ó ní gbígbẹ́ ni wọ́n gbé fún àwọn, àtúnṣe di ti ìgbìmọ̀ omi abúlé. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé ife omi tó wà níwájú mi. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà, wọ́n dá a padà. Ọkùnrin yẹn mọ̀ látọjọ́ tá a ti kọ lẹ́tà sí wọn, ó kàn ń wò wá ni. Ṣùgbọ́n mi ò bi í. ISSAI 3000, ìlànà àgbáyé lórí irú àyẹ̀wò yìí, sì sọ ọ́ kedere pé kí ọdítọ̀ bá àwọn tó ń yẹ̀ wò jíròrò òṣùwọ̀n. Wọn ò ní bá yín yàn án o, ẹ̀yin lẹ máa yàn án, àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n fèsì ní kíkọ kí ẹ tó lọ sẹ́nu àyẹ̀wò.

Nígbà tá a tún un ṣe, ìbéèrè ńlá wa di: ṣé àwọn ará abúlé ń rí omi tó tó lọ́dún kejì tí agbaṣẹ́ṣe ti fi bọ́hòlù lé wọn lọ́wọ́? Ìyẹn ṣeé dáhùn. Ẹ̀ka rẹ̀ á wá yọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ka iye tí wọ́n rà á rọrùn, ẹ fi wé iye tí àwọn mìíràn gbẹ́ ẹ lórí irú ilẹ̀ kan náà. Ẹ̀ka bí wọ́n ṣe lo owó ló ta wọ́n lára: 120 mílíọ̀nù tá a pín sí 24 tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 5 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 3 tí wọ́n ń pariwo.

Ti omi tó tó, kẹ́ẹ̀gì 20 lítà àti aago ni mo lò. Ní abúlé kan, kẹ́ẹ̀gì gba ìṣẹ́jú àáyá 100 kó tó kún. Ìyẹn jẹ́ 720 lítà ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá fà á fún wákàtí 8, 5,760 lítà ni. Ẹ pín in sí 30, èèyàn 192 ló lè sìn. Abúlé náà ní nǹkan bí 400. Ó ń yọ omi o, síbẹ̀ kò tó wọn.

Àtúnṣe tí ọ̀gá àgbà fi yẹra ńkọ́? Ẹ wá a nínú ìwé kọ́ńtíráàtì. Ó wà ní ojú ewé tá a ti ṣí kọjá lákọ̀ọ́kọ́: àjọ náà ló gbọ́dọ̀ kọ́ ìgbìmọ̀ omi ní àtúnṣe, kó sì fún wọn ní irinṣẹ́. Nínú abúlé 16 tí tiwọn kú, 11 ní àwọn ò rí sípánà kan. Òṣùwọ̀n tó mú wọn nìyẹn, ìwé tiwọn fúnra wọn ni.

Nǹkan mìíràn, ẹ má wọ mọ́tò wọn. Ibi tí omi ti ń ya ni awakọ̀ wọn máa ń gbé èèyàn lọ. Kí ẹ sì lọ ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé. Oṣù kẹsàn-án la kọ́kọ́ lọ, tá a ka 24. Nígbà tá a padà ní oṣù kẹta, 19 ló kù.