Síìdì wo, mélòó lẹ́ẹ̀kan? Bí a ṣe ń yan àwòrán tó jọ olóògbé jù

*"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti fi fọ́tò bàbá mi tó di olóògbé kọ́ LoRA kan, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó ya àwòrán, ọ̀kan á jọ wọ́n, òmíràn ò ní jọ wọ́n rárá. Síìdì wo ni kí n lò, mélòó ni kí n kọ sí `Batch size` kí n lè rí èyí tó jọ wọ́n jù? Fídíò káàdì mi jẹ́ 8 GB. Ṣágámù ni mo wà."*

Àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere.

Kò sí síìdì kan tó sàn ju òmíràn lọ. Nọ́ńbà yẹn kò mọ ojú bàbá rẹ. Wúruwùru tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ àwòrán ló ń yàn, irú èyí tó máa ń wà lójú tẹlifíṣọ̀n tí kò gbé ìkànnì kankan. Inú wúruwùru yẹn ni ẹ̀rọ ti ń mú ibi tí orí máa wà, ìhà tí ojú máa kọ sí, àti ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ máa gbà wọlé, ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. LoRA, fáìlì kékeré tí o fi fọ́tò bàbá kọ́, ló mọ ojú. Bó bá jẹ́ pé fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló pọ̀ jù nínú ohun tí o fi kọ́ ọ, ojú bàbá á yọ dáadáa nígbà tí síìdì bá gbé orí wọn kọjú síwájú. Bí síìdì bá yí orí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ kò rí ìhà yẹn rí, ó kàn ń méfò ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan fi ń jọ wọ́n tí òmíràn kì í jọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí iye, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ó ṣì ń dùn mí di òní. Nígbà tí a ń múra ìrántí ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, a gbé fọ́tò wọn fún ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ó gba owó, ó ya àwòrán rẹpẹtẹ, ó sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù. Àbúrò ìyá mi, tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà, ń wò wọ́n lọ títí tí wọ́n fi kan ọ̀kan. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi rèé. Bí wọ́n ṣe máa ń wo èèyàn nìyí." Ẹnikẹ́ni ò bá wọn jiyàn, torí gbogbo wa la rí i.

A padà lọ bá ọkùnrin náà pé kó fún wa ní ojúlówó fáìlì rẹ̀, ká lè tẹ̀ ẹ́ sára bánà. Ó ní síìdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Ó kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ ojú obìnrin mìíràn ló jáde. Ó tún un ṣe, obìnrin yẹn náà ló tún jáde. Ó ní ẹ̀rọ ló ti yí padà, ó sì tún fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa. Fáìlì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ó ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Èyí tó wà lórí Wọ́ọ̀sáàpù kéré, ó sì ti fún pọ̀, gbogbo àlàyé tó wà nínú PNG rẹ̀ sì ti bọ́ dànù lójú ọ̀nà. Bí àwòrán tó mú àbúrò ìyá mi sunkún ṣe lọ nìyẹn.

Ẹ̀rọ ò yí padà o. ComfyUI, ọ̀kan lára àwọn ètò tí wọ́n fi ń ya irú àwòrán yìí, ni ọkùnrin náà lò, ó sì ya mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Bááṣì ni wọ́n ń pe mẹ́jọ yẹn. Nínú ComfyUI, síìdì kan ṣoṣo ló ń ṣe wúruwùru gbogbo àwòrán inú bááṣì náà pọ̀. Èyí tó mú àbúrò ìyá mi sunkún ni àwòrán kẹta, kò sì ní síìdì tirẹ̀. Ẹni kẹta nínú mẹ́jọ ló jẹ́, ibẹ̀ nìkan ló sì wà. Bí o bá kọ síìdì yẹn, tí o sọ `batch_size` di 1, àwòrán àkọ́kọ́ nínú bááṣì ni wàá rí. Bí o bá fi 2 kún síìdì, àwòrán tí kò bá a tan rárá ni wàá rí. Ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kó dá `batch_size` padà sí 8, kó má fọwọ́ kan ohun mìíràn, kó sì mú ẹni kẹta jáde. Nóòdù tí wọ́n ń pè ní `Latent From Batch` wà fún irú iṣẹ́ yìí, `batch_index` rẹ̀ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 0, torí náà 2 ni ẹni kẹta. Ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọlọ́fọ̀ yẹ kó mọ ìyẹn.

Ti AUTOMATIC1111, ètò mìíràn fún iṣẹ́ kan náà, yàtọ̀. Níbẹ̀, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní síìdì tirẹ̀: bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti 1000, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 1001, lẹ́yìn náà 1002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, o sì lè pe 1017 nìkan padà. Fún ohun tí o fẹ́ ṣe yìí, òun ni mo ní kí o lò. Kọ ọ́ báyìí:

```
Seed: 1000
Batch size: 2
Batch count: 32
```

Àwòrán 64 nìyẹn, láti 1000 dé 1063. `Batch size` kò ní í ṣe pẹ̀lú bí àwòrán ṣe jọ bàbá. Iye tí káàdì ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń sọ, `Batch count` sì ni iye ìgbà tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí 8 GB, fi 2 sí i. Bó bá kọ `CUDA out of memory`, sọ ọ́ di 1, kí o sì sọ `Batch count` di 64, àwòrán kan náà ni wàá rí. Má ṣe dín `Width` tàbí `Height` kù kó lè gbà á, torí bí ìwọ̀n bá yí padà, wúruwùru yí padà nìyẹn, síìdì 1017 á sì di ẹlòmíràn. Má sì pààrọ̀ ohun tó wà ní `Sampling method`, torí àwòrán lè yí padà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 64? Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀ràn á ní kí o ya ẹgbẹ̀rún. Má dá wọn lóhùn. Ká ní LoRA rẹ dára débi pé ọ̀kan nínú 20 ń jọ bàbá dáadáa. Nínú 64, wàá rí bíi mẹ́ta. Pé kí o má rí ọ̀kan péré kò tó 4 nínú 100. Torí náà bí o bá ya 64 tí kò sí ìkankan tó jọ wọ́n, síìdì kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. LoRA ni. Padà lọ wo fọ́tò tí o fi kọ́ ọ, bóyá wọn ò mọ́lẹ̀ tó, tàbí ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kọ sí. Ẹgbẹ̀rún àwòrán láti inú LoRA tí kò mọ ojú kò ní mọ ojú náà, iná ìjọba àti epo jẹnẹrétọ̀ ni wàá fi ṣòfò.

Kí o sì rí i pé ojú bàbá tóbi nínú àwòrán. Bí o bá ní kí wọ́n dúró láti orí dé ẹsẹ̀ nínú agbádá, ojú lè má ju píkísẹ́lì 64 lọ ní fífẹ̀. Inú Stable Diffusion tó ń ya àwòrán náà, píkísẹ́lì 8 níbùú àti 8 lóròó ló ń di ẹyọ kan, nítorí náà gbogbo ojú bàbá rẹ á wà nínú ẹyọ 8 níbùú àti 8 lóròó. Kò sí síìdì tó lè fi ìrísí èèyàn hàn nínú ìyẹn. Orí dé àyà ni kí o ní kó yà.

Yíyàn wá kù. Kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ yọ àwọn tí orí wọn yí jù tàbí tí ojú wọn wọ́. Ìyẹn rọrùn. Àwọn tó kù ni kí o fi InsightFace, ètò tó ń dá ojú mọ̀, wọ̀n, pẹ̀lú mọ́dẹ́lì rẹ̀ `buffalo_l`. Ó ń sọ ojú kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà 512, o sì lè fi ojú méjì, `a` àti `b`, wé ara wọn:

```python
import numpy as np

s = float(np.dot(a.normed_embedding, b.normed_embedding))
```

Bí `s` bá ṣe ń sún mọ́ 1 ni ojú méjèèjì ṣe ń jọra tó. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni pé fọ́tò kan péré ni wọ́n fi ń wọ̀n, èyí tí wọ́n sì fi kọ́ LoRA náà ni. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwòrán tó bá ṣàfarawé fọ́tò yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ àti ìdúró rẹ̀, ló máa gbégbá orókè. Mú fọ́tò bàbá mẹ́ta tí o kò fi kọ́ LoRA rárá. Kọ́kọ́ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Ká ní o rí 0.58, 0.64 àti 0.61. O ti mọ̀ báyìí pé bàbá pẹ̀lú ara wọn gan-an ń jẹ́ bíi 0.6 lórí fọ́tò tiyín. Wá fi àwòrán kọ̀ọ̀kan wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o sì pín àròpọ̀ rẹ̀ sí mẹ́ta. Bí 1017 bá jẹ́ 0.57, tí 1042 jẹ́ 0.55, tí 1008 jẹ́ 0.31, ju 1008 nù. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ pé 1017 ló borí 1042, àlàfo yẹn kéré jù.

Má sì fi ẹ̀rọ yẹn ṣe adájọ́ ìkẹyìn. Ní 2019, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà dán ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dá ojú mọ̀ wò, wọ́n sì rí i pé lára àwọn tí ẹ̀rọ máa ń ṣì mú fún ara wọn jù ni àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwa nìyẹn. Ẹ̀rọ lè sọ pé bàbá rẹ ni, kó jẹ́ ọkùnrin Ìpẹ̀rù kan tí ẹ kò mọ̀ rí. Lò ó láti fi ju èyí tí kò jọ nù, kó ku bíi márùn-ún.

Márùn-ún yẹn ni kí o gbé lọ bá àwọn tó mọ bàbá. Lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Má gbé e sí orí gúrúùpù ẹbí, torí bí àgbà kan bá ti ní "èyí ni," kò sẹ́ni tó máa gbé ohùn mìíràn wá. Gbé ojúlówó fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, nítorí bí èèyàn bá ti wo ojú tó fara jọ ara wọn pẹ́, ojú gidi máa ń pòórá lọ́kàn. Bí bàbá bá ní ilà, bi wọ́n léèrè nípa rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ máa ń sọ ilà di ìhunjọ ara arúgbó, tàbí kó fi ọ̀kan kún un, nọ́ńbà `s` kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi CodeFormer tàbí GFPGAN, àwọn ètò tó ń tún ojú ṣe, kàn án kí ẹ tó yàn. Wọ́n á mú ojú dán, wọ́n á sì fa bàbá lọ síbi ojú tí gbogbo ayé ń jọ. Bí o bá sì máa fi àwòrán ránṣẹ́ lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ibi `Document` ni kí o ti fi ránṣẹ́, kí síìdì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ọ̀kan, di síìdì rẹ̀ mú, kí o fi `X/Y/Z plot` dán agbára LoRA wò ní 0.7, 0.8, 0.9 àti 1.0. Bí o bá fẹ́ mú un tóbi fún títẹ̀, gba `img2img`, kí `Denoising strength` má ju 0.3 lọ, kí o sì tún fi fọ́tò mẹ́ta yẹn wọ̀n ọ́n. Bí `s` bá wálẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, dá `Denoising strength` padà sí 0.2, kí o tún un ṣe kí bánà tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.