Ṣé ilé ẹjọ́ lè fagi lé òfin tí àwọn aṣòfin ti ṣe?

Ọdún kìíní ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ òfin ní Àgọ́-Ìwòyè. Bí agbára ìjọba bá pín sí mẹ́ta, ṣé adájọ́ tún lè sọ pé òfin tí aṣòfin ṣe kò dúró?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí òfin náà bá tako Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nítorí abala 1(3) sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kankan níbi tó ti takò ó. Abala 4 fún aṣòfin ní agbára láti ṣe òfin, abala 5 fún aláṣẹ ní agbára láti mú un ṣẹ, abala 6 sì fi ìdájọ́ lé ilé ẹjọ́ lọ́wọ́.

Ẹjọ́ Lakanmi ti 1970 ni ó fi èyí hàn jù. Ìjọba ológun ṣe òfin kan ní 1968 tó fọwọ́ sí gbígbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní àwọn ènìyàn kan tí wọ́n dárúkọ. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ wò ó pé ìdájọ́ ni èyí, òfin kọ́. Wọ́n sì fagi lé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ológun fi òfin 28 ti 1970 sọ ìdájọ́ náà di asán.

Lónìí, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ògùn bá ṣe òfin tó gba ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kan ní Ṣágámù, tó sì ní kí ilé ẹjọ́ kankan má gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, abala 4(8) kò gbà á láyè. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kì í dá ọ̀rọ̀ gbé: ẹni tí òfin náà pa lára ni yóò pẹjọ́.