Agbádá ló ń jẹ èrè yunifọ́ọ̀mù

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, báàgì aláwọ là ń ṣe ní Ọ̀yọ́. Owó iná, jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ, wákàtí tí òṣìṣẹ́ fi ṣe ọjà la fi ń pín in. Èyí tí ìwé ní ó ń mérè wá jù, òun là ń ṣe jù, síbẹ̀ owó ò dúró. Níbo la ti ṣì í?"

Àbúrò, wákàtí òṣìṣẹ́ yẹn ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Ọdún méjì gbáko ló fi tàn mí jẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Oríṣi méjì là ń rán: yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé, àti agbádá tí ẹ̀rọ mọnogíráàmù ń ṣe ọnà sí lára. Ìnáwó tí gbogbo iṣẹ́ jọ ń jẹ lóṣù jẹ́ ₦600,000, mi ò ka owó ilé mọ́ ọn. Yunifọ́ọ̀mù 400 gba wákàtí méjì-méjì lọ́wọ́ téélọ̀, agbádá 40 gba márùn-ún-márùn-ún. Wákàtí 1,000 nìyẹn, ₦600 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí yunifọ́ọ̀mù kan ṣe ru ₦1,200 nìyẹn, tí agbádá kan ru ₦3,000. ₦18,000 ni mò ń gba lórí agbádá. Owó téélọ̀, òwú àti aṣọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦10,000. Ìwé ní mo ń jèrè ₦5,000. Inú mi ń dùn! Lákòókò yẹn náà ni ilé ìwé kan fi mí sílẹ̀, torí ẹlòmíì fi ₦400 dín sí tèmi.

Ọjọ́ tí mo jókòó ti ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ mọnogíráàmù lojú mi là. Agbádá oníbàárà kan dé. Ó tú òwú mẹ́fà kúrò, ó ki mẹ́fà mìíràn bọ abẹ́rẹ́, ó wá ọnà tí wọ́n fẹ́ jáde, ó na aṣọ sí férémù, ó dán an wò lórí àkísà. Òwú já, ó tún un ṣe. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ti lọ kí abẹ́rẹ́ tó kan agbádá. Lọ́sàn-án, báàjì ilé ìwé dé: ó to ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, báàjì àádọ́ta jáde. Wákàtí téélọ̀ ò rí ìkankan nínú èyí. Iṣẹ́ tuntun tó wọlé ló ń fa títo ẹ̀rọ, kì í ṣe bí téélọ̀ ṣe pẹ́ tó lórí ìjókòó.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a kọ gbogbo rẹ̀ fún oṣù kan, mo sì pín ìnáwó náà sọ́nà mẹ́ta. Títo ẹ̀rọ mọnogíráàmù, pẹ̀lú owó oṣù ọmọ yẹn, jẹ́ ₦240,000. A tò ó nígbà 48, agbádá ló ni 40 níbẹ̀. ₦5,000 fún ìgbà kan. Ìwọ̀n gbígbà, wíwọ̀ wò àti àtúnṣe fún oníbàárà jẹ́ ₦110,000. Ìgbà 110 ni wọ́n wá, 100 jẹ́ ti alágbádá (ẹni tó bá ti ran agbádá rí mọ ohun tí mò ń wí). Epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ jẹ́ ₦250,000 fún wákàtí ẹ̀rọ 500: yunifọ́ọ̀mù gba wákàtí 300, agbádá gba 200.

Ṣírò rẹ̀: yunifọ́ọ̀mù ru ₦40,000, ₦10,000 àti ₦150,000, ₦500 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbádá ru ₦200,000, ₦100,000 àti ₦100,000, ₦10,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbádá tí mo fi ń yangàn ń mú mi pàdánù ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwé tó lọ yẹn, mo lè dín ₦400 kí n sì tún jèrè.

Ibi tí mo tún ti ṣubú rèé. Oṣù tó tẹ̀lé e, ọjà ò yá, ìgbà 24 péré la to ẹ̀rọ. Mo pín ₦240,000 sí 24, ó di ₦10,000, mo gbówó lé agbádá, àwọn oníbàárà sá. Àìṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń bu lé wọn lórí. Ọmọ yẹn lè tò ó nígbà 60 lóṣù bí iṣẹ́ bá wà, nítorí náà 60 ni mo fi ń pín in báyìí: ₦4,000. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, mo kọ ọ́ sọ́tọ̀ pé owó ẹ̀rọ tó jókòó ni. Agbádá wá ń ru ₦9,000, àdánù ṣì ni.

Má tìtorí ìyẹn pa ọjà kankan rẹ́ o. Bí mo bá dá agbádá dúró, ọmọ yẹn á ṣì gbowó oṣù. Ohun tí mo ṣe ni pé agbádá tí òwú wọn jọra ń dúró de ara wọn: funfun lọ́jọ́ Ajé, aláwọ̀ wúrà lọ́jọ́rú. Ìgbà 40 já sí 23, àyè tó ṣí sílẹ̀ la fi ń ṣe báàjì fún àwọn téélọ̀ míì, wọ́n sì ń sanwó. Agbádá di ₦21,000. Èèyàn méjì kùn, wọ́n sì san án.

Nínú ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, kọ iye ìgbà tí ẹ ń pààrọ̀ òwú àti abẹ́rẹ́ láti báàgì kan sí òmíràn, àti iye báàgì tó ń jáde lẹ́yìn ìpààrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Oṣù kan tó. Báàgì tí ẹ ń ṣe ní mẹ́ta-mẹ́ta ni kó o kọ́kọ́ wò.