Ampíkílọ́ọ̀sì Kì í Wo Ọ̀fìnkìn

Ìbéèrè: "Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń tà. Láti ọjọ́ Ajé ni ọ̀fìnkìn ti mú mi, òní Ọjọ́bọ̀ rèé, ikun imú mi ti di àwọ̀ ewé. Ampíkílọ́ọ̀sì méjì-méjì tí mo máa ń lò kò ràn án mọ́. Ṣé kí n sọ ọ́ di mẹ́rin-mẹ́rin ni, àbí kí n bọ́ sórí tetirasáíkìlíìnì?"

Ìdáhùn: Ẹ má lo mẹ́rin, ẹ má lo méjì, ẹ má sì fọwọ́ kan tetirasáíkìlíìnì. Ẹ̀yin ìyá mi yòókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ibí kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, torí ìbéèrè yìí kì í tán lọ́jà, ọ̀pọ̀ yín ló sì ní kápúsù nínú àpò báyìí.

Àwọ̀ ewé yẹn ló ń dẹ́rù bà yín. Wọ́n ti sọ fún yín pé tí ikun bá ṣì ń ṣàn gẹ́gẹ́ bí omi, ọ̀fìnkìn lásán ni, ṣùgbọ́n tó bá ti ki, tó sì ti yí àwọ̀, àrùn ti wọ̀ ọ́, àfi kápúsù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀fìnkìn bá wọ imú, ara máa ń rán sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lọ síbẹ̀ láti bá a jà. Èròjà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì yìí tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé ni òun fúnra rẹ̀ ní. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń jà tí wọ́n ń kú, èròjà yìí á dà sínú ikun, ikun á ki, á di yẹ́lò, á tún di àwọ̀ ewé. Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kẹrin náà lẹ sì wà lónìí. Ẹ dán an wò lọ́la: ẹ fun imú yín sórí tíṣù funfun bẹ́ ẹ bá ṣe jí, kẹ́ ẹ tún fun ún ní ọ̀sán lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mu omi dáadáa. Ti àárọ̀ ló sábà máa ń ki jù, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì rinlẹ̀ jù, torí ó ti wà lójú kan mọ́jú. Kò sí àrùn tuntun kankan tó wọlé lóru tó sì jáde lọ́sàn-án.

Ohun tó ń fa ọ̀fìnkìn ni fáírọ́ọ̀sì. Irú wọn lé ní igba, èyí tí wọ́n ń pè ní rainofáírọ́ọ̀sì ló wọ́pọ̀ jù. Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ló máa ń wọ̀ sí, ohun èlò tó bá níbẹ̀ ló sì fi ń pọ̀ sí i. Bakitéríà ní tirẹ̀ dá dúró, ó sì ní ògiri tó yí i ká. Ògiri yẹn ni Ampíkílọ́ọ̀sì àti amọ́síìlì ń bá jà. Wọn kì í jẹ́ kí bakitéríà rí ògiri rẹ̀ mọ, omi á ya wọ inú rẹ̀, á bẹ́, á kú. Tetirasáíkìlíìnì kì í wó ògiri, ibi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì tirẹ̀ ló máa ń dí. Fáírọ́ọ̀sì kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹni tí kò kọ́lé, kí lẹ fẹ́ wó mọ́ ọn lórí? Kápúsù mẹ́rin tàbí ogún, ọ̀kan náà ni lójú ọ̀fìnkìn.

Ẹ ó ní, "Mo lò ó nígbà kan, ara mi sì yá." Òótọ́ ni pé ara yín yá. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ rẹ̀ papọ̀. Ọjọ́ kìíní, ọ̀fun á máa yún, ẹ óò máa sín. Ọjọ́ kejì, imú á máa dà ṣáá, orí á wúwo. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, ìgbà yẹn gan-an lẹ máa ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ sí kẹ́mísì. Ní ọjọ́ kẹrin, ikun ti yí àwọ̀, ṣùgbọ́n apá ara ti ń ká ọ̀fìnkìn náà. Ọjọ́ karùn-ún, ìkẹfà, ó ti ń fúyẹ́. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ó ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ lè kù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé kápúsù mì ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ karùn-ún lára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ẹni tí kò gbé nǹkan kan mì náà, ọjọ́ karùn-ún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lo nǹkan kan kì í jókòó sí ìsọ̀ kó máa ròyìn oògùn fún aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀rá kékeré tí wọ́n ń di àpòpọ̀ oògùn sí náà wà níbẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹ lè rí parasitamọ́ọ̀lù, píríítọ̀nù, fítámì sí àti kápúsù méjì. Parasitamọ́ọ̀lù ló ń mú kí orí fúyẹ́ tí ara sì ń rọ̀, píríítọ̀nù ló ń dín omi imú kù tó sì ń mú yín sùn. Àwọn méjèèjì ló ṣiṣẹ́, kápúsù ló gba ọpẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ju oògùn sitẹ́rọ́ìdì sí i, bíi dẹksamẹ́tásóònù. Ìyẹn á jẹ́ kí ara fúyẹ́ kíá, ṣùgbọ́n ó lè gbé ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè bo àrùn gidi mọ́lẹ̀ títí á fi burú. Oògùn tẹ́ ò bá mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má gbé e mì. Mi ò ní fi èyí bomi là fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá elélùbọ́, ẹ ní méjì-méjì ò ràn án mọ́. Kò ràn án rí. Àmọ́ nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀ nínú yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ fi ń lò ó. Bakitéríà pọ̀ nínú ìfun gbogbo wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń ṣe wá lóore. Kápúsù tó wọlé á pa èyí tí agbára rẹ̀ kò tó, á fi èyí tí oògùn ò ràn sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù á gba gbogbo àyè, á máa pọ̀ sí i, ó sì lè fi agbára náà lé bakitéríà mìíràn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí àkóràn bá wá mú yín lójú ìtọ̀, tàbí tí ojú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ yín bá ń ṣe ọyún, oògùn olówó pọ́ọ́kú tó yẹ kó wò ó kò ní ràn án mọ́. Abẹ́rẹ́ tó wọ́n ni wọn óò máa wá, nígbà mìíràn wọ́n lè má rí i.

Èyí tẹ́ ẹ sì lè rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ìgbẹ́ gbuuru, tàbí kí ojú ara máa yún yín, kí nǹkan funfun tó ki máa jáde. Kápúsù ló pa bakitéríà rere tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ni irú olú tíntìntín kan tí wọ́n ń pè ní kándídà bá gbilẹ̀. Ẹlòmíràn á tún sáré ra fílájíìlì sí i. Fílájíìlì kì í pa kándídà! Àwọn mìíràn wà tí ara wọn kò gba pẹnisílíìnì rárá, Ampíkílọ́ọ̀sì sì wà nínú ẹbí yẹn. Tí ara bá lé wìnnìwìnnì, tàbí tí ètè tàbí ojú wú, tàbí tí mímí ṣòro lẹ́yìn tẹ́ ẹ lò ó, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tetirasáíkìlíìnì kò sì sí fún aláboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, torí ó máa ń ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ lè lò: parasitamọ́ọ̀lù onímílígíráàmù 500, ẹyọ kan tàbí méjì, kí wákàtí mẹ́fà pé kẹ́ ẹ tó tún lò ó, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ẹ ka ara páálí oògùn ọ̀fìnkìn tẹ́ ẹ bá rà, torí parasitamọ́ọ̀lù sábà máa ń wà nínú òun náà. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú tàbí tó ń mu ọtí gan-an, kó bi wá léèrè ná. Fún ọ̀fun, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ fi yọ ọ̀fun, kẹ́ ẹ tu ú dànù, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Oyin ṣíbí tíì kan dára fún ikọ́, àfi fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, a kì í fún un rárá. Róòbù kì í wọ ihò imú, a kì í sì í fi pa ọmọ ọwọ́.

Ẹ̀yin elélùbọ́, alátagígún àti ẹlẹ́ja gbígbẹ, tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe tú àpò lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sín, tí ojú ń yún yín, tí ara ò gbóná, tó sì máa ń dáwọ́ dúró lọ́jọ́ tẹ́ ò bá wá sọ́jà, eruku ni, kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Ẹ bo imú nígbà tẹ́ ẹ bá ń jọ̀ ọ́ tàbí tẹ́ ẹ ń dà á, kẹ́ ẹ sì kẹ̀yìn sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá.

Mi ò tíì yẹ̀ yín wò o. Ohun tí mo ń sọ yìí wà fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le tẹ́lẹ̀. Aláboyún, alátọ̀gbẹ, ẹni tó ní ásímà, ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ wá rí wa. Ìyá elélùbọ́, tó bá fi máa di Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tó máa pé ọjọ́ mẹ́wàá, tí kò dín kù, tàbí tó dín kù tán tó tún padà pẹ̀lú ibà àti ìrora ojú, ẹ wá sí ilé ìlera alábọ́dé. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí mímí ń ṣòro, ẹ má dúró dìgbà yẹn. Ara tó bá ń gbóná, àyẹ̀wò ibà la óò kọ́kọ́ ṣe. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, a óò gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ikọ́ ife ni, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ti ọmọdé ni kò gba ìdúró. Ọ̀fìnkìn ọmọ lè di òtútù àyà, bakitéríà sì lè wà nídìí ìyẹn. Níbẹ̀ ni àwa fúnra wa ti ń fún ọmọ ní amọ́síìlì tó ń yọ́ nínú omi, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í ṣe kápúsù àgbà tí wọ́n tú sínú ẹ̀kọ. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí. Nígbà tí ọmọ bá dákẹ́ tí kò sunkún, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo aago fóònù, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí ikùn rẹ̀ wú sókè ní ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, tó bá tó 60, ẹ máa bọ̀. Oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50. Ọdún kan sí ọdún márùn-ún, 40. Tẹ́ ẹ bá rí i pé abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń fa èémí, tàbí tí kò lè mu ọyàn, tàbí tí gìrì mú un, ẹ má ka nǹkan kan, ẹ má yà sí kẹ́mísì, ẹ fi ìsọ̀ lé aládùúgbò lọ́wọ́ kẹ́ ẹ gbé e wá lójú ẹsẹ̀.