Ìyá tó ń gbàgbé, tó sì ń kọ́ṣẹ́ tuntun

"Àìsàn ọpọlọ kan ṣe ìyá mi n'Iléṣà. Wọn kì í rántí ẹni tó wá kí wọn láàárọ̀, síbẹ̀ wọ́n ti mọ maṣíìnì ìránṣọ tuntun lò. Ṣé wọ́n ń díbọ́n ni?"

Rárá o. Apá inú ọpọlọ tó wà lẹ́bàá etí, lọ́tùn-ún lósì, ló ń bá wa fi ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun pamọ́. Ibòmíràn nínú ọpọlọ ni ọwọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, ìyẹn sì lè yè.

Ọ̀gbẹ́ni Henry Molaison l'Amẹ́ríkà ló jẹ́ kó hàn kedere. Ní 1953, wọ́n gé apá yẹn kúrò nínú ọpọlọ rẹ̀ nítorí wárápá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bá a sọ̀rọ̀ tán, tó jáde, tó tún wọlé, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Brenda Milner, wá ní kó fi pẹ́ńsùlù tọ àárín ìlà méjì tó yí àwòrán ìràwọ̀ kan po, inú dígí nìkan ni yóò ti máa rí ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ ń yà bàrá ṣáá. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, àṣìṣe ti dín kù gan-an, bẹ́ẹ̀ kò rántí pé òun ṣe é rí.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ màmá ní nǹkan mìíràn, ẹ fi ọwọ́ yín darí ọwọ́ wọn, lọ́nà kan náà lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa méfò: àṣìṣe á mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò sì ní rántí pé ẹ ti tún un ṣe.